Òwúrọ̀ Ìdána: Bí Aṣojúlóge Ṣe Ń Ṣírò Iṣẹ́ Ìyàwó

Ohun tí aṣojúlóge ń tà fún ìyàwó ni òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Àtíkè wà níbẹ̀, tìróò wà níbẹ̀, ìpara ètè náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń jẹ lójú ẹnì kan kéré sí owó òwúrọ̀ náà fúnra rẹ̀. Sátidé 52 ló wà nínú ọdún, Sátidé sì ni ọ̀pọ̀ ẹbí ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta máa ń mú fún ìnáwó. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kì í gbé ìyàwó nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ Kátólíìkì náà kì í sì í ṣe é nígbà Lẹ́ńtì. Sátidé tó ṣẹ́ kù kò pọ̀ mọ́, ti oṣù Kejìlá ni wọ́n sì ń du jù. Aṣojúlóge tó bá gba iṣẹ́ ìyàwó kan sí ọjọ́ kan ti sọ fún gbogbo ìyàwó mìíràn tó bá béèrè ọjọ́ yẹn pé kò sí àyè.

Ibi tí ìṣirò pákéèjì ìyàwó ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lórí ìwé iye owó, ìdánwò ojú, owó ìrìnnà àti kíkun ojú àwọn èrò ìyàwó dà bí ohun mẹ́ta tí kò mọ ara wọn rí. Wákàtí ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ, wákàtí tí ọ̀kan bá sì jẹ ń fa ti èkejì. Aṣojúlóge tó kọ owó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láìwo aago á ṣiṣẹ́ láti òru di ọ̀sán, yóò wá rí i nígbà tó bá ṣírò tán pé èrè rẹ̀ kò ju ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kun ojú ẹni méjì.

Kí wọ́n tó dá iye lé iṣẹ́, ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tí ẹni tó wá ń pè ní ìgbéyàwó. Ẹnì kan lè ní mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kóòtù, ìdána, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí yìgì, kó tún wá ní àpèjẹ ìrọ̀lẹ́. Ojú tuntun ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fẹ́. Níbi ìdána nìkan, ìyàwó lè wọlé pẹ̀lú aṣọ òkè kan, kó kúnlẹ̀ gba àdúrà, kó sì tún lọ pààrọ̀ sí òmíràn, gèlè kejì á sì dé. Bí aṣojúlóge bá ti di ẹrù rẹ̀ lọ lẹ́yìn gèlè àkọ́kọ́, ta ni yóò wé èkejì? Nítorí náà, kí pákéèjì tó dárúkọ owó, ó gbọ́dọ̀ sọ ojú mélòó, gèlè mélòó, àti aago tí aṣojúlóge yóò kúrò níbẹ̀. Aago yìí ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ jù, torí pé àwọn ènìyàn kì í kà á sí iṣẹ́. Ẹni tó dúró di ìrọ̀lẹ́ kó lè máa nu òógùn, kó sì máa tún ètè ìyàwó ṣe, lè má fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, síbẹ̀ kò lè lọ sí ibòmíràn. Wákàtí ni kí wọ́n fi gba owó èyí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò wé gèlè, kí ìwé sọ ẹni tí yóò wá a àti ẹni tí yóò sanwó rẹ̀.

Ìdánwò ojú ni kíkun ojú ìyàwó pátápátá ṣáájú ọjọ́ náà, bí ẹni pé ọjọ́ náà ti dé. Ó máa ń gbà tó wákàtí 2 sí 3, ó sì ń pẹ́ ju ti ọjọ́ gan-an lọ, nítorí wọ́n á kùn, wọ́n á nù ún, wọ́n á tún un kùn. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 ṣáájú ni àsìkò tó dára jù. Bí ó bá yá jù bẹ́ẹ̀, aṣọ òkè lè má tíì kúrò lọ́wọ́ ahunṣọ, àwọ̀ gèlè kò sì tíì dájú. Bí ó bá pẹ́ jù, kò ní sí àyè láti ra àwọ̀ mìíràn, tàbí láti jẹ́ kí awọ ojú tó bínú sàn.

Àwọn ìyàwó mìíràn rò pé nítorí kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ojú náà wù wọ́n ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò. Ìyẹn wà níbẹ̀, àmọ́ ohun tí aṣojúlóge ń wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fáńdéṣọ̀n tó bá ojú mu rẹ́gí ní aago 10 lè ti dúdú sí i nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, torí pé òróró ara àti afẹ́fẹ́ ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ẹni tó bá nu ojú rẹ̀ kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kò lè rí èyí láéláé. Kí ìyàwó gbé ojú náà lọ sílé, kó fi sílẹ̀ fún wákàtí 6 ó kéré tán, kó sì máa ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní wákàtí méjì-méjì, kó fi ránṣẹ́. Ibi tó ń dán bí epo lórí imú àti iwájú orí, ibi tó ń ya lábẹ́ ojú, gbogbo rẹ̀ á hàn nínú àwọn fọ́tò yẹn.

Iná kámẹ́rà náà ní tirẹ̀. Àwọn àtíkè funfun lẹ́búlẹ́bú kan wà tí a kì í rí lójú lásán, àwọn ìpara kan sì wà tí wọ́n fi ohun tó ń dá oòrùn padà sí. Bí iná kámẹ́rà bá ti kọ mànà sí wọn, ojú ìyàwó á funfun bí ẹni tí wọ́n fi ẹfun pa, ọrùn rẹ̀ á sì dúdú nísàlẹ̀. Ohun tó le nínú èyí ni pé dígí kò lè sọ ọ́. Inú fọ́tò nìkan ló ti ń yọ, fọ́tò sì ni ìdílé yóò máa wò fún ogójì ọdún. Nítorí náà, kí ìdánwò tó parí, kí wọ́n pa iná yàrá, kí wọ́n ya ojú ìyàwó pẹ̀lú iná kámẹ́rà, kí wọ́n sì wò ó dáadáa.

Ìkẹta ni gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ ìpéǹpéjú. Omi rọ́bà wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ara àwọn kan kò sì gba rọ́bà. Díẹ̀ bíńtín lẹ́yìn etí, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì, ti tó láti mọ̀. Bí ibẹ̀ bá yún, tó pọ́n tàbí tó wú, gọ́ọ̀mù tí kò ní rọ́bà ni kí wọ́n lò, tàbí kí wọ́n fi ìpéǹpéjú àfilẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ojú tó bá wú ní òwúrọ̀ ìdána kò ní àtúnṣe lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ìdánwò bá parí, ìwé tí wọ́n kọ lé e lórí ni iṣẹ́ gidi tó ṣẹ́ kù: orúkọ gbogbo ohun tí wọ́n lò, nọ́ńbà àwọ̀ fáńdéṣọ̀n àti bí wọ́n ṣe pò ó, irú ìpéǹpéjú, àwọ̀ ètè, àti fọ́tò gèlè. Aṣojúlóge tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ ìdánwò mìíràn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, nígbà tí àwọn onílù ti ń dún níta.

Ìdánwò kò yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́. Odidi ìdajì ọjọ́ ló jẹ, ìpéǹpéjú tí wọ́n lò níbẹ̀ kò ṣeé lò fún ẹlòmíràn, gbogbo èyí sì ti lọ yálà ìyàwó náà padà wá tàbí kò padà wá. Àwọn kan máa ń yọ owó ìdánwò kúrò nínú owó ọjọ́ náà bí ìyàwó bá ti san àsansílẹ̀. Kò burú, bí wọ́n bá ti fi owó náà sínú iye ọjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tó mọ́ jù ni kí ìdánwò dá dúró pẹ̀lú owó tirẹ̀, kí wọ́n san án kí ìyàwó tó jókòó, kí ìdánwò kejì sì ní owó tirẹ̀. Ààrin ọ̀sẹ̀ ni kí wọ́n fi sí, ní ṣọ́ọ̀bù aṣojúlóge. Ìyàwó tó bá ní ọjọ́ Sátidé tí ọ̀rẹ́ òun ń ṣe ìnáwó ni òun fẹ́ ṣe ìdánwò ń wá ojú òde ní owó ìdánwò, Sátidé tí ẹlòmíràn ìbá san owó kíkún fún ló sì ń gbà.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà bọ̀ wálé ṣe ìdána yàtọ̀ díẹ̀. Ó lè jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni yóò balẹ̀, kí ìnáwó sì wà ní Sátidé. Kò sí ọ̀sẹ̀ 4 fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí ó ti ibi tó wà fi fọ́tò ojú rẹ̀ tí kò kun nǹkan kan ránṣẹ́, kí ó ya á nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ó sọ orúkọ àti nọ́ńbà fáńdéṣọ̀n tó ń lò, kí ó sì ra irú gọ́ọ̀mù kan náà dán wò lẹ́yìn etí rẹ̀. Ọjọ́rú ni kí wọ́n wá ṣe ìdánwò gan-an. Ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ sọ fún un pé bí ohunkóhun bá ní àtúnṣe, ọjọ́ 2 péré ló wà láti fi tún un ṣe.

Àwọn èrò ìyàwó ni ó ń pinnu bí òwúrọ̀ yóò ṣe rí. Ìyá ìyàwó, ẹ̀gbọ́n, àwọn ọ̀rẹ́ tó ra aṣọ ẹbí kan náà, gbogbo wọn fẹ́ jókòó sórí àga kan ṣoṣo kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Wọ́n máa ń béèrè pé kí wọ́n dín owó wọn kù nítorí pé wọ́n pọ̀, ìbéèrè náà sì tọ́ dé ìwọ̀n kan. Ìrìn kan ni aṣojúlóge rìn, ẹ̀ẹ̀kan ló to àpótí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni yóò sì palẹ̀ mọ́. Ìyẹn nìkan ni pípọ̀ wọn ń dín kù. Ojú karùn-ún ń gba ìṣẹ́jú kan náà pẹ̀lú ojú kìíní, ó ń jẹ àtíkè kan náà, ó sì ń fẹ́ ìpéǹpéjú tirẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì náà kò gbọ́dọ̀ ti ojú kan bọ́ sí èkejì láìfọ̀, nítorí náà ojú púpọ̀ túmọ̀ sí búrọ́ọ̀ṣì púpọ̀. Ẹ̀dínwó tó bá ju ohun tí ìrìn àti ìpalẹ̀mọ́ fi pamọ́ lọ, inú èrè ló ti ń yọ. Kò sì sí ìdí tí ẹ̀dínwó àwọn èrò yóò fi kan ojú ìyàwó fúnra rẹ̀.

Iye èrò tí àárọ̀ kan gbà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ẹnu dá. Láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń kà á, láti aago tí ìyàwó gbọ́dọ̀ dìde lórí àga. Bí a bá mú aṣojúlóge kan ní Súrùlérè l'Ékòó, tí wọ́n pè é sí ìdána ní Bódìjà, n'Ílùú Ìbàdàn, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rìn yóò hàn. Aago 11 ni alága ìdúró àti alága ìjókòó yóò bẹ̀rẹ̀. Ayàwòrán fẹ́ wákàtí kan pẹ̀lú ìyàwó, nítorí náà aago 10 ni ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti pé. Àwọn tí wọ́n fẹ́ kun ojú ni ìyàwó, ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti ọ̀rẹ́ 5. Ojú 8 nìyẹn. Ìyàwó yóò gba wákàtí 2, gèlè wà nínú rẹ̀. Ìyá àti ẹ̀gbọ́n yóò gba ìṣẹ́jú 50 ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gèlè. Àwọn ọ̀rẹ́ ti ra gèlè tí wọ́n rán sílẹ̀, tí wọ́n kàn máa dé, nítorí náà ìṣẹ́jú 40 tó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Bí ẹnì kan ṣoṣo bá fẹ́ ṣe gbogbo rẹ̀, wákàtí 7 ni. Ẹni tó fẹ́ parí kó ku díẹ̀ kí aago 10 lù yóò ní láti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kí aago 3 òru lù, ọ̀rẹ́ tó bá sì kọ́kọ́ jókòó yóò ti máa yọ́ kí oúnjẹ tó jáde. Olùrànlọ́wọ́ kan ló ń tú èyí. Olùrànlọ́wọ́ á mú àwọn ọ̀rẹ́ 5, ìṣẹ́jú 200. Ọ̀gá á mú ìyàwó àti àwọn àgbà méjèèjì, ìṣẹ́jú 220. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 5:45, ọ̀gá yóò parí ní aago 9:25, ìṣẹ́jú 35 á sì ṣẹ́ kù fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò: iná tó lọ, ìyàwó tó sunkún, ọ̀rẹ́ tó pẹ́ dé.

Ẹni tí yóò kọ́kọ́ jókòó náà ní ìtumọ̀. Ìyá ìyàwó ló yẹ kó ṣáájú, torí pé òun ni àwọn alásè yóò máa wá, òun ni àlejò yóò sì kọ́kọ́ kí. Ẹ̀gbọ́n á tẹ̀ lé e ní aago 6:35. Ìyàwó á jókòó ní aago 7:25. Àwọn kan ń fi ìyàwó ṣáájú láti fi bọlá fún un, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n kùn ní aago 6 ti gbó díẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Bí ó bá jẹ́ òun ló kẹ́yìn láìsí àlàfo kankan lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ìdádúró àwọn yòókù yóò wó lé e lórí. Ìṣẹ́jú 35 yẹn ni ó ń gbà á.

Owó àwọn ọ̀rẹ́ ni ibi tí ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ ti ń bàjẹ́. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ní láti sanwó tirẹ̀ nígbà tó bá dìde lórí àga, wọ́n á máa wá fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì á kọ̀, ẹnì kan á ní ọkọ òun ló máa fi ránṣẹ́. Àwọn ẹbí Yorùbá ti ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń yanjú irú èyí: ẹnì kan ló máa ń gba owó aṣọ ẹbí. Kí ẹni náà gba owó ojú kíkùn mọ́ ọn, kó sì san án lẹ́ẹ̀kan náà ṣáájú ọjọ́. Orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ gbọ́dọ̀ ti dúró ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tí kò bá wá ti sanwó àga rẹ̀, ìyàwó sì lè fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé yóò dúró de bí àyè bá wà lórí aago, nítorí pé ojú kẹsàn-án ní ìṣẹ́jú 40 tirẹ̀ láti gbà, inú àlàfo tó ṣẹ́ kù ni yóò sì ti gbà á.

Iye èrò yìí náà ló dá ọ̀rọ̀ ìrìnnà sílẹ̀. Aago 5:45 ni iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì nílò ìdajì wákàtí láti to àga, iná àti àpótí. Aago 5:15 ni kí wọ́n ti dé Bódìjà. Ẹni tó bá fẹ́ ti Súrùlérè dé ibẹ̀ ní aago yẹn yóò wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lóru, ọ̀nà tó gùn ju kìlómítà 120 lọ, kò sì sí ìyàwó tí ojú rẹ̀ tó ewu bẹ́ẹ̀. Nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ sùn sí Ìbàdàn ní alẹ́ Ẹtì. Bí ìyàwó nìkan ló fẹ́ kun ojú ni, aago 8 ìbá tó láti bẹ̀rẹ̀, èèyàn kan ìbá sì lè fi ìdájí jáde l'Ékòó. Àwọn èrò ló mú òtẹ́ẹ̀lì wá.

Owó ìrìnnà ju owó epo lọ. Ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ àti bọ̀ wà nínú rẹ̀, torí pé àpótí mekọ́ọ̀pù, iná àti àga gíga kò ṣeé kó wọ dánfó. Ibùsùn ènìyàn méjì wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni ọ̀sán Ẹtì tí ṣọ́ọ̀bù fi tì pa. Ojú tí wọn ìbá kùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà ti lọ. Ẹtì kò sì dọ́gba lójú ọ̀nà yẹn. Ní Ẹtì àkọ́kọ́ inú oṣù, ìpàdé àdúrà Holy Ghost ní Àgọ́ Ìràpadà máa ń kó ọkọ̀ jọ lójú márosẹ̀, ẹni tó bá sì kúrò l'Ékòó lẹ́yìn ọ̀sán lè wà níbẹ̀ di òru. Láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò láti Èkó lọ sí Mọ́níyà. Ó dára fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn ṣì máa wá ọkọ̀ láti Mọ́níyà wọ Bódìjà.

Iye owó ọkọ̀ kò yẹ kó wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 ti sún mọ́ ₦500. Aṣojúlóge tó ti kọ owó ìrìnnà oṣù Keje sílẹ̀ láti oṣù Kejì san ìyàtọ̀ náà lápò ara rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ìwé sọ ni àwọn nǹkan tí owó ìrìnnà kó sínú, pẹ̀lú ìlérí pé ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú ọjọ́ ni wọn yóò ṣírò iye rẹ̀. Nínú Èkó fúnra rẹ̀, ó rọrùn láti pín ìlú: agbègbè tí ṣọ́ọ̀bù wà kò ní owó ìrìnnà, ibòmíràn lórí ilẹ̀ ní iye kan, kíkọjá afárá lọ sí Lẹ́kí tàbí Àjàh ní iye mìíràn.

Ní ti owó iṣẹ́ Bódìjà, àwọn iye tó tẹ̀ lé e yìí wà fún àpẹẹrẹ nìkan, torí ìlú kò dọ́gba, ọwọ́ kò sì dọ́gba. Ìdánwò jẹ́ ₦50,000, wọ́n sì san án lọ́tọ̀. Ojú ìyàwó jẹ́ ₦150,000. Ìyá àti ẹ̀gbọ́n jẹ́ ₦30,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦60,000 lápapọ̀. Ọ̀rẹ́ 5 ní ₦25,000 jẹ́ ₦125,000. Ojú gbogbo lọ́jọ́ náà jẹ́ ₦335,000. Ìrìnnà ni ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ₦90,000, òtẹ́ẹ̀lì ₦35,000, oúnjẹ ₦15,000, àti ₦40,000 fún ọ̀sán Ẹtì. Èyí jẹ́ ₦180,000. Owó tó wọlé, láìka ìdánwò, jẹ́ ₦515,000.

Nínú rẹ̀, ₦140,000 ni ọkọ̀, òtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ jẹ gan-an. Olùrànlọ́wọ́ gba ₦50,000 fún ọjọ́ náà. Àtíkè, ìpéǹpéjú àti àwọn ohun yòókù jẹ nǹkan bíi ₦5,000 lójú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦40,000 fún ojú 8. Ohun tó ṣẹ́ kù sọ́wọ́ aṣojúlóge jẹ́ ₦285,000, fún ọjọ́ kan ààbọ̀.

Bí ó bá ṣe pé ó ti fi ìrìnnà ṣe ọ̀fẹ́ nítorí pé èrò pọ̀, ₦105,000 ni ìbá ṣẹ́ kù. Bí ọ̀rẹ́ 3 bá tún yọ ara wọn ní alẹ́ Ẹtì, tí kò sì sí ìwé kankan tó dè wọ́n, ₦75,000 lọ nínú owó tó ń wọlé, ₦15,000 péré ló sì lọ nínú ìnáwó, nítorí pé òtẹ́ẹ̀lì, ọkọ̀ àti olùrànlọ́wọ́ kò dín kù. Yóò ku ₦45,000 sí i lọ́wọ́. Owó yìí kò tó owó ìdánwò kan tó ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ fi ń dá iye tó kéré jù fún iṣẹ́ ẹ̀yìn odi: bí owó ojú lápapọ̀ kò bá tó ₦300,000, fún àpẹẹrẹ, ìyàwó yóò san ìyàtọ̀ náà tàbí kó wá aṣojúlóge tó ń gbé Ìbàdàn.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ ṣì wà nílẹ̀. Ilé ìyàwó kọ́ ni òun ti ń múra. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wà ní òtẹ́ẹ̀lì tiwọn, ìpè sì sábà máa ń wá ní nǹkan bí aago 8 pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn yà sọ́dọ̀ Mọ́mì fún ogún ìṣẹ́jú." Àlọ àti àbọ̀ nínú ìlú lè jẹ́ ìṣẹ́jú 40, ojú Mọ́mì pẹ̀lú gèlè jẹ́ 50. Wákàtí kan ààbọ̀ ni, inú wákàtí ìyàwó ni yóò sì ti jáde. Kò rọrùn láti sọ pé rárá fún ìyá ọkọ lọ́jọ́ ìdána, nítorí náà ìwé ló yẹ kó ti sọ ọ́ ní oṣù méjì sẹ́yìn: ibi kejì tí wọ́n ti ń kun ojú ní owó tirẹ̀, olùrànlọ́wọ́ kejì tó ń gbé Ìbàdàn ni yóò sì lọ síbẹ̀. Bí ẹbí ọkọ bá fẹ́, wọ́n á san án ṣáájú. Bí wọn kò bá fẹ́, kò sí ẹni tí yóò rò pé wọ́n rí ìyá ọkọ fín.

Sísan owó náà tẹ̀ lé bí iṣẹ́ ṣe ń dì mọ́ ọjọ́. Ìdajì owó ojú, ₦167,500, ni wọ́n san nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé, owó yìí ló sì mú ọjọ́ náà dúró. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n mú láìsí àsansílẹ̀, bó ti wù kí ìyàwó jẹ́ ọ̀rẹ́ tó. Ìdajì kejì àti owó ìrìnnà, ₦347,500, wọlé ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú, lọ́jọ́ kan náà tí orúkọ àwọn èrò dúró. Owó òtẹ́ẹ̀lì lè yọ kúrò níbẹ̀ bí ẹbí ìyàwó bá gba yàrá náà fúnra wọn, ìyẹn sì dára, bí ìwé bá ti sọ pé kò gbọ́dọ̀ jìnnà ju ìṣẹ́jú 15 lọ sí ibi ìmúra.

Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ló máa ń ní gbólóhùn kan tó sọ pé àsansílẹ̀ kò ní dá padà lábẹ́ bó ti wù kó rí. Òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ti ọdún 2018, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé iṣẹ́ tó ti gbà sílẹ̀, ó sì fún oníṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti yọ iye tó bọ́gbọ́n mu. Iye tó bọ́gbọ́n mu ń dàgbà bí ọjọ́ ṣe ń sún mọ́lé. Sátidé tí wọ́n dá padà ní oṣù mẹ́fà ṣáájú ṣì lè rí ìyàwó mìíràn, èyí tí wọ́n dá padà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kò lè rí i mọ́. Ìwé tó tọ́ yóò pín in: bí ó bá ju oṣù 3 lọ, ìdá díẹ̀ nínú àsansílẹ̀ ni yóò yọ, láàárín oṣù 3 sí ọ̀sẹ̀ 2, àsansílẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà, owó ojú lọ, ṣùgbọ́n owó òtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ tí wọn kò tíì ná padà sọ́dọ̀ ìyàwó. Ó yẹ kí ìwé kan náà sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí aṣojúlóge bá ṣàìsàn: orúkọ ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, tàbí kí gbogbo owó padà.

Sísún ọjọ́ síwájú yàtọ̀ sí fífagi lé e. Nígbà tí wọ́n ti ìlú Èkó àti Ògùn pa ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 2020, àwọn ìnáwó tí wọ́n ti san àsansílẹ̀ fún kò lè wáyé, àwọn tí ìwé wọn kò sọ nǹkan kan nípa sísún ọjọ́ sì ń bá oníbàárà wọn jiyàn. Ohun tó tọ́ ni pé àsansílẹ̀ yóò bá ìyàwó lọ sí ọjọ́ tuntun lẹ́ẹ̀kan, láàárín oṣù 12, bí ọjọ́ tí ó mú bá ṣí sílẹ̀. Wọn yóò tún owó ìrìnnà ṣírò ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú ọjọ́ tuntun náà. Ìdánwò kò ní tún wáyé, torí pé ìwé rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, àfi bí aṣọ bá ti yí padà tàbí bí awọ ojú ìyàwó bá ti yàtọ̀. Nígbà náà, ìdánwò tuntun ni, owó tirẹ̀ sì wà.